Bí mo ṣe mú kí dúráìfù Z dúró: páswọ́ọ̀dù àràárọ̀ àti àmì X pupa

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbi iṣẹ́ wa. Orí ọ̀kan nínú wọn, tí a sọ ní AKOJO, ni gbogbo ìwé owó àti lẹ́tà wa wà, nínú fódà kan tó ń jẹ́ iwe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ju pé kí fódà yẹn máa hàn bíi dúráìfù Z lórí kọ̀ǹpútà àǹtí tó ń bójú tó ìwé owó wa, kí wọ́n yé wá a káàkiri. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo pè é. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló gbà, nítorí pé àìsàn méjì ni mo ń tọ́jú bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni.

Lórí AKOJO, mo kọ́kọ́ dá àkáǹtì kan tó ń jẹ́ osise sílẹ̀, mo fún un ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, mo sì jẹ́ kó lè ka fáìlì inú fódà náà kó sì lè kọ sí i. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé: àṣẹ tó wà lábẹ́ Sharing àti èyí tó wà lábẹ́ Security. Bí ọ̀kan bá gbà tí èkejì kọ̀, kíkọ̀ ni yóò borí.

Mo wá lọ sídìí kọ̀ǹpútà àǹtí. Mo ṣí File Explorer, mo tẹ This PC, mo wá yan Map network drive. Lẹ́tà Z ni mo mú, torí pé àwọn lẹ́tà iwájú bí E àti F ni fláàṣì máa ń gbà bí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́. Ẹnìkan ti kọ nọ́ńbà AKOJO sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà yẹn ni mo sì tẹ̀: `\\192.168.1.20\iwe`. Mo fi àmì sí Reconnect at sign-in àti Connect using different credentials. Nígbà tó bèèrè orúkọ, mo kọ `AKOJO\osise`, mo fi páswọ́ọ̀dù sí i, mo sì fi àmì sí Remember my credentials. Z yọjú. Àǹtí dúpẹ́, mo lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ wo orúkọ tí mo kọ yẹn dáadáa. Bí èèyàn bá kọ osise lásán, kọ̀ǹpútà lè rò pé osise tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni à ń wí, yóò sì máa ní orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù kò tọ́ nígbà tí páswọ́ọ̀dù tọ́. AKOJO tó wà níwájú ló sọ fún un pé ọ̀dọ̀ AKOJO ni kó ti lọ wádìí ẹni náà. PIN oní-nọ́ńbà díẹ̀ tí a fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà wa pẹ̀lú kò wúlò níbí. Orí ẹ̀rọ tí a ti dá a sílẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, iná lọ. Nígbà tó dé, ráútà pín nọ́ńbà tuntun, AKOJO sì gba 192.168.1.23. Z kú. Àṣìṣe 53 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé kò rí ọ̀nà tí mo júwe fún un mọ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé orúkọ ló yẹ kí n ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé orúkọ kì í yí padà bí nọ́ńbà. Mo ṣí Command Prompt, mo pa Z àtijọ́ rẹ́, mo sì ṣe òmíràn:

```
net use Z: /delete
net use Z: \\AKOJO\iwe * /user:AKOJO\osise /persistent:yes
```

Ìràwọ̀ kékeré yẹn ló ń jẹ́ kó bèèrè páswọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, kó má baà hàn lójú ìwé. Ojú ìwé lásán ni kí ẹ sì ti tẹ àṣẹ yìí o, kì í ṣe èyí tí a ṣí pẹ̀lú Run as administrator. Dúráìfù tí a bá dá sílẹ̀ nínú ti alábòójútó kì í sábà hàn nínú File Explorer, èèyàn á sì máa rò pé àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àǹtí pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ó ń bi mí ní páswọ́ọ̀dù.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún bi wọ́n. Mo ṣí Credential Manager, mo rí osise níbẹ̀ pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tó ti wà ní ìpamọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé apá ibẹ̀ kò ní wàhálà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Ìgbà tí mo tẹ `cmdkey /list` tí mo sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo tó rí i:

```
Target: Domain:target=192.168.1.20
Type: Domain Password
User: AKOJO\osise
```

Ìlà kìíní ni kí ẹ wò. Páswọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi í pamọ́ sí ni nọ́ńbà àtijọ́. Windows kì í wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn orúkọ, orúkọ tí a pè ló ń wò. Ẹni tí ẹ ń pè ní Àdìó láàárọ̀, tí ẹ wá ń pè ní Bàbá Káyọ̀ nírọ̀lẹ́, èèyàn méjì ni lójú rẹ̀. Z ń pe AKOJO, kò sì sí páswọ́ọ̀dù kankan ní ìpamọ́ fún AKOJO.

Ohun kejì ni pé `/persistent:yes` kì í tọ́jú páswọ́ọ̀dù. Lẹ́tà àti ọ̀nà ló ń rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì Reconnect at sign-in. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bí àwọn bá ti fi àmì sí i, ó ti parí, èmi náà wà lára wọn. Remember my credentials ló ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, àṣẹ tí mo sì tẹ̀ lẹ́yìn iná kò kan èyí rárá. Mo pa ti àtijọ́ rẹ́, mo sì kọ tuntun sílẹ̀ lórúkọ tó yẹ:

```
cmdkey /delete:192.168.1.20
cmdkey /add:AKOJO /user:AKOJO\osise /pass
```

Mo tún pa Z rẹ́ kí n lè tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, láìfi páswọ́ọ̀dù tàbí `/user` sí i lọ́tẹ̀ yìí, kí n lè mọ̀ bóyá ìpamọ́ náà ni yóò lò. Àṣìṣe 1219 ló fún mi. Ohun tó ń wí ni pé ẹnìkan náà kò lè fi orúkọ méjì wọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ sì ni: láàárọ̀ yẹn, láti orí kọ̀ǹpútà àǹtí, mo ti fi àkáǹtì tèmi ṣí fódà mìíràn lórí AKOJO. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà dípò orúkọ, àṣìṣe yìí á lọ, nítorí pé Windows á gbà pé ẹ̀rọ mìíràn ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ̀ láti ṣe é, torí pé ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní kí àǹtí ti gbogbo fáìlì wọn pa, mo tẹ `net use` láti rí gbogbo ohun tó so mọ́ AKOJO, mo fi `/delete` gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ń jẹ́ `\\AKOJO\IPC$`. Lẹ́yìn náà ni `net use Z: \\AKOJO\iwe /persistent:yes` wọlé láìbèèrè ohunkóhun. Mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn lẹ́ẹ̀mejì, kò bèèrè.

Páswọ́ọ̀dù ti tán, ṣùgbọ́n àmì X pupa kò lọ. Bí àǹtí bá jókòó sórí iṣẹ́ mìíràn fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n padà dé, X á ti wà lára Z. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú File Explorer, á ṣí, X á sì lọ. Àmọ́ ètò ìṣirò tí wọ́n ń lò kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: á kàn ní òun kò rí fáìlì, iṣẹ́ tí wọn kò tíì fi pamọ́ á sì bá a lọ. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí pé mo rí wọn tí wọ́n ń tún ojú ìwé kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n má tẹ Z nígbà mìíràn tí wọ́n bá rí X, kí wọ́n pè mí ná. Nígbà tí wọ́n pè, mo ṣí PowerShell, mo sì tẹ èyí:

```
Test-NetConnection AKOJO -Port 445
```

Ẹnu ọ̀nà 445 ni ìpín fáìlì ń gbà. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé `TcpTestSucceeded : True`. AKOJO wà lójúfò, ọ̀nà sì là. A jẹ́ pé AKOJO fúnra rẹ̀ ló já okùn. Mo lọ síbẹ̀, mo tẹ `net config server`, mo sì rí Idle session time (min), 15 níwájú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan fódà náà fún ìṣẹ́jú 15, yóò gé e kúrò. Bí a ṣe ń bá a lórí Windows nìyẹn láìyí i padà. Àṣẹ tó mú un kúrò nìyí, lójú ìwé alábòójútó lórí AKOJO:

```
net config server /autodisconnect:-1
```

Bí ẹ bá ní èèyàn púpọ̀ tó ń lo ẹ̀rọ kan, ẹ ronú kí ẹ tó ṣe èyí, torí Windows tí kì í ṣe ti sáfà ní iye èèyàn tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ìsopọ̀ tí kò já á sì máa gba àyè. Fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń bá AKOJO sọ̀rọ̀, kò léwu.

Ó dákẹ́ ní àárọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, X tún dé. Mo tún dán 445 wò, `False` ni lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà kì í ṣe ohun àárọ̀. Mo rìn lọ sídìí AKOJO, ojú rẹ̀ ṣú: ó ti sùn. Ẹ̀rọ tó ń pín fódà fún ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ sùn, mo sì ti gbàgbé láti wo ibẹ̀. `powercfg /change standby-timeout-ac 0` ló parí ìyẹn.

Ó ku kọ̀ǹpútà àgbéká kan tó ń lo wáì-fáì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó máa ń gbé Could not reconnect all network drives jáde, torí pé ó ń wá Z kí wáì-fáì tó dé. Bí ẹni tó ni ín bá tẹ Z ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, á ṣí láìbi í ní páswọ́ọ̀dù. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mo kọ sórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ AKOJO, lẹ́yìn tí mo ya ti nọ́ńbà kúrò, ni orúkọ rẹ̀ àti ìlà kan: bí páswọ́ọ̀dù osise bá yí padà, ẹ tún `cmdkey /add` ṣe lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.