Ẹ má to ààlà tuntun láti kékeré sí ńlá

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń fi u rọ́pò nínú íńtígírà tó ní ààlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ààlà tuntun kọ̀ọ̀kan síbi tí ààlà àtijọ́ rẹ̀ wà gan-an. Ẹ wo èyí:

∫₀² x√(4 − x²) dx

Ká ní u = 4 − x². du = −2x dx, nítorí náà x dx di −½ du. Ní ìsàlẹ̀, x jẹ́ 0, u sì jẹ́ 4. Lókè, x jẹ́ 2, u sì jẹ́ 0. Ohun tí a ní nìyí:

−½ ∫₄⁰ √u du

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré yí ààlà padà, torí ó dà bíi pé ó dorí kodò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o. Tí ẹ bá máa yí i, àmì iwájú gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀:

½ ∫₀⁴ √u du = ⅓ · 4^(3/2) = 8/3

Ẹni tó yí ààlà tó fi àmì sílẹ̀ á gba −8/3. Ó rọrùn láti mọ̀ pé kò tọ̀nà: x√(4 − x²) kì í kéré sí òdo láti 0 dé 2, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lè kéré sí òdo.

Tí ààlà bá ti di ti u, ẹ má dá x padà mọ́. Tó bá wù yín láti dá a padà sí −⅓(4 − x²)^(3/2), 0 àti 2 ni kí ẹ fi sí i. Ẹ fi 4 sí x níbẹ̀, −12 lẹ máa bá lábẹ́ rúùtù.