Bí Mo Ṣe Yọ Ẹ̀rọ Àjèjì Kúrò Lórí Wáífáì Ilé Wa

Nígbà tí dátà wa ń tètè tán, mo wọ inú ráútà ní 192.168.0.1, mo sì rí ẹ̀rọ kan tí kò lórúkọ lábẹ́ DHCP Clients, ìyẹn àtòkọ àwọn ẹ̀rọ tí ráútà fún ní àdírẹ́ẹ̀sì. Nọ́ńbà MAC rẹ̀, èyí tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5A. Bí àmì kejì nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, fóònù ló sábà máa ń ṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní fi ilé-iṣẹ́ tó ṣe é hàn.

Orúkọ ẹ̀rọ tó ti lọ lè pẹ́ nínú àtòkọ náà, nítorí náà System Log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ráútà, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé: mo pa Wáífáì gbogbo fóònù wa, síbẹ̀ 5A tún béèrè àdírẹ́ẹ̀sì. Dídènà nọ́ńbà náà nìkan kò tó, nítorí fóònù lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, mo pa WPS, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà wọlé láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo sì tún ráútà tàn. 5A kò sì rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà mọ́.