Iṣẹ́ èdè ní òpin ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó mú iṣẹ́ èdè kankan fún òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí. Ní ti kíkọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, gígùn ohùn ni wọ́n sábà máa ń sanwó fún, bẹ́ẹ̀ ohùn wákàtí 1 lè gba wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ẹ bá ní láti fi àmì sí Yorùbá rẹ̀. Bí wọ́n bá fi náírà 12,000 lọ̀ yín fún ohùn wákàtí 1 náà, náírà 3,000 péré ni wákàtí iṣẹ́ kan. Ẹ kọ ohùn ìṣẹ́jú 5 wò ná kí ẹ tó gbà á. Ìtumọ̀, tí wọ́n ń ka iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ sanwó, tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ní ti kíkọ́ ọmọ ní èdè nílé wọn, ẹni tó ń gbé Yábàá lè kọ́ ọmọ ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Lẹ́kí, kó ka wákàtí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn.