Bí a ṣe ń ṣe lúùpù àti ìtìlẹ̀ fún páìpù omi gbígbóná tó gùn

Wọ́n pè mí sí ilé ìtura kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́ pé páìpù omi gbígbóná wọn ń jò ní ojú tíì tó yà sí ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wẹ́dà ti jó ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, mi ò tilẹ̀ wo tíì náà. Ibi lúùpù ni mo kọ́kọ́ rìn lọ, ìyẹn ibi tí páìpù ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì tún padà sójú ọ̀nà, kó lè rí àyè gùn nígbà tó bá gbóná, mo sì bá a pé wọ́n ti fi irin áńgù mú un mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, "kó má baà máa mì." Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ó yẹ kí lúùpù wà níbẹ̀, àmọ́ kò mọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Lúùpù tí a dè mọ́lẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Páìpù tí màá fi ṣàlàyé jọ ti ilé ìtura yẹn. Irin dúdú oní-ínṣì 3 ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 89. Ó gùn tó mítà 120, ó lọ tààrà lórí òpó kúkúrú láti ilé bọ́ílà dé yàrá ìkẹyìn. Omi inú rẹ̀ gbóná tó dígíríì 85. Ọjọ́ tí a jó o pọ̀, dígíríì 25 ni irin náà wà. Ẹ fọwọ́ kan irin yín kí ẹ tó gbà pé 25 ni o, nítorí irin tó ti sun oòrùn láti àárọ̀ ti gùn díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń jó ojú tó kẹ́yìn.

Ẹ wá iye tí yóò fi gùn sí i

Mítà irin kan máa ń gùn sí i ní mìlímítà 0.012 fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi gòkè. Láti 25 dé 85, dígíríì 60 nìyẹn:

```
120 × 60 × 0.012 = 86.4 mm
```

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Bí ó bá jẹ́ páìpù oníke PPR tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ni ẹ fẹ́ lò, ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe é. Òun ń gùn tó ìlọ́po 12 irin, ìlànà tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ pín in sí méjì

Lúùpù kan ṣoṣo lè gba mìlímítà 86 yẹn, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ yóò gùn tó mítà 3.9, ọ̀pọ̀ ọgbà ni kò sì ní àyè bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń de páìpù náà mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́ta: ẹnu ilé bọ́ílà, àárín gbùngbùn ní mítà 60, àti ìparí. Lúùpù kan á wà ní mítà 30, èkejì ní mítà 90. Lúùpù kọ̀ọ̀kan á wá gba mìlímítà 43.2, apá rẹ̀ méjèèjì á sì pín in ní 21.6 sí 21.6. Ó gbọ́dọ̀ wà ní àárín ìdè méjì o. Bí ẹ bá tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan ni yóò ru púpọ̀ jù.

Fún gígùn apá lúùpù, èyí ni mo ń lò fún irin:

```
H = 63 × √(D × δ)
H = 63 × √(89 × 21.6) = 2762 mm
```

H ni gígùn apá kan, D ni fífẹ̀ páìpù láti ẹ̀yìn, δ ni iye tí apá kan yóò gbà. Mìlímítà ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ di mítà 2.8. Orí lúùpù, ìyẹn irin tó so apá méjèèjì pọ̀, ìdajì rẹ̀ ni mo ń fún un: mítà 1.4. Ẹ ó rí tábìlì tí yóò fún yín ní apá tó tó mítà 1.9. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé páìpù gbọọrọ náà yóò bá lúùpù tẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kì í sì í fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Mítà irin mélòó kan ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Mo fara mọ́ ti tèmi.

Ẹ́lùbọ̀ gbọọrọ tí a ń jó ni kí ẹ lò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe èyí tó ní okùn tí a ń yí mọ́ páìpù. Ojú okùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ jò. Kí lúùpù sì sùn sílẹ̀ gbalaja. Bí kò bá sí àyè tó fi gbọ́dọ̀ dìde sókè, ẹ fi fáàfù tí ń tú afẹ́fẹ́ sí orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gúnwà síbẹ̀, omi ò ní kọjá dáadáa.

Ohun tí a dè àti ohun tí a ò gbọdọ̀ dè

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Oríṣi ohun mẹ́ta ló ń mú páìpù yìí dúró. Ìdè kì í jẹ́ kó lọ síbì kankan. Atọ́nà ń jẹ́ kó lọ síwá sẹ́yìn, kì í jẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtìlẹ̀ lásán kàn ń gbé e ni. Lójú púlọ́ńbà tí kò mọ ìyàtọ̀, yú-bóòtì ni gbogbo rẹ̀, yóò sì fún un pinpin títí dé ìparí. Ohun tó ṣe yẹn ni pé ó ṣe ìdè 40 láìmọ̀.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀? Bí irin yìí bá gbóná tí kò sì ráyè gùn, agbára tí yóò fi ti ìdè tó tọ́ọ̀nù 21. Àwọn kan rò pé páìpù kúkúrú ò léwu. Irọ́ ni: mítà 10 ni o, mítà 120 ni o, tọ́ọ̀nù 21 náà ni, nítorí gígùn ò sí nínú ìṣirò yẹn. Ooru àti bí irin ṣe nípọn tó ló wà níbẹ̀. Nítorí náà bóyá ògiri á là, bóyá páìpù á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ejò, tàbí kí ojú tó rọ̀ jù lọ ya. Tíì ilé ìdáná ló rọ̀ jù ní ilé ìtura yẹn.

Bí lúùpù bá ń ṣiṣẹ́, ìdè ò ní ju nǹkan bíi kìló 450 lọ láti gbà: bíi 300 láti tẹ lúùpù, ìyókù láti fa páìpù tó kún fún omi lórí ìtìlẹ̀ mítà 30. Búlọ́ọ̀kù kọnkéré tó jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà níbùú, lóòró àti nínú ilẹ̀ tó fún un. Ẹ jó bàtà irin, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tí páìpù fi ń jókòó, mọ́ ara páìpù, kí ẹ sì fi bóòtì di bàtà náà mọ́ kọnkéré. Yú-bóòtì nìkan kì í ṣe ìdè; páìpù á máa yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Ìdè àárín, ẹ má ṣe é kékeré nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ti ara wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti fáàfù ẹ̀yìn rẹ̀, tí apá kan tutù, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa tì í.

Atọ́nà: irin áńgù méjì tí a jó sí òpó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí àyè mìlímítà 2 sí 3 wà láàárín wọn àti bàtà páìpù. Mítà mẹ́fà-mẹ́fà ni mo ń fi wọ́n sí, ṣùgbọ́n mi ò kì í fi èyí tó kọ́kọ́ wà lẹ́bàá lúùpù sún mọ́ ẹ́lùbọ̀ ju mítà 3.5 lọ. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ẹ́lùbọ̀ ò ní lè yí, òun ni ìyà á sì jẹ. Lórí lúùpù fúnra rẹ̀, kò sí ìdè, kò sí atọ́nà.

Tíì tó ń yà sí ilé míì, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí ìdè. Ní mítà 3 sí ìdè, irin ò rìn ju mìlímítà 2 lọ. Lẹ́bàá lúùpù, mìlímítà 21 ni yóò rìn, ẹ̀ka kékeré tó wọ inú ògiri ò sì lè bá a lọ. Ibi tí páìpù bá ti gba ògiri kọjá, páìpù tó tóbi jù ú ni kí ẹ rì sínú ògiri náà, kí ti omi gba inú rẹ̀.

Àyè àárín ìtìlẹ̀

Fún páìpù irin oní-ínṣì 3 tó kún fún omi, ìlànà gba mítà 3.7 láàárín ìtìlẹ̀ méjì. Oní-ínṣì 2 jẹ́ mítà 3, oní-ínṣì 4 jẹ́ 4.3. Mítà 3 ni mo ń lò fún oní-ínṣì 3. Irin mítà 6 ni a ń rà, nítorí náà ìtìlẹ̀ á máa bọ́ sí ibì kan náà lórí irin kọ̀ọ̀kan, ojú ìjó á sì jìnnà sí òpó. Lábẹ́ lúùpù, mẹ́ta ni mo ń fi: ọ̀kan ní àárín apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ orí rẹ̀. Pẹpẹ irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ni, kí lúùpù lè fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún lórí rẹ̀.

Téfílọ̀nù ló dára jù láti fi sábẹ́ bàtà. Tí kò bá sí, irin pẹlẹbẹ lórí irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru á ṣe é. Ẹ ó rí àjákù irin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù ní owó pọ́ọ́kú. Rọ́bà táyà ni kí ẹ sá fún. Gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan yọ̀, bó bá sì gbóná tán, á lẹ̀ mọ́ irin. Kí bàtà ga tó pé aṣọ ìdáàbòbò ooru á wọ abẹ́ páìpù láìkan òpó.

Fífà ní tútù, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Kí n tó jó ojú ìkẹyìn sórí ẹ̀gbẹ́ lúùpù, mo máa ń gé irin náà kúrú ní mìlímítà 21, kí n wá fi ṣéènì-búlọ́ọ̀kù fà á pọ̀. Lúùpù á ti là díẹ̀ ní tútù, nígbà tó bá gbóná, ìdajì ìrìn nìkan ló kù fún un láti ru. Mi ò torí ẹ̀ dín apá lúùpù kù, nítorí wẹ́dà lè má fà á tó.

Ẹ má wọ aṣọ fún un kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá lórí bàtà àti òpó tó sún mọ́ lúùpù jù lọ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tan bọ́ílà, kí ẹ dúró títí páìpù á fi gbóná dé ìparí. Ìlà náà yẹ kó pín sí méjì, kí àlàfo rẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 20. Bí ó bá jẹ́ 5 péré, nǹkan kan dì í mú láàárín ibẹ̀ àti ìdè. Ẹ máa rìn padà láti òpó dé òpó, ẹ ó bá bóòtì kan tí ẹnì kan fún. Bí ẹ bá ń gbọ́ "kọ̀! kọ̀!" bí ó ṣe ń gbóná, bàtà kan ń lẹ̀, ó sì ń já ara rẹ̀ gbà. Gíríìsì ló ń fẹ́. Ní ilé ìtura yẹn, a gé irin áńgù kúrò, a tú yú-bóòtì, a fa ìlà. Mìlímítà 19 ni mo wọ̀n, a sì jó tíì náà fún ìgbà kẹrin.