Bí mo ṣe fi àwòrán mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ á jáde lára púrísímù

Púrísímù gíláàsì tí mo lò jẹ́ onígun mẹ́ta tí ìhà rẹ̀ dọ́gba: ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, igun kọ̀ọ̀kan 60°. Mo gbé e lé bébà lórí pátákó rírọ̀, mo fi pẹ́ńsù ṣóńṣó fa etí rẹ̀ yípo, mo sì kọ A sí òkè, B sí apá òsì, C sí apá ọ̀tún. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ìtànṣán tó bá gba àárín AB wọlé, ṣé AC ló máa gbà jáde, àbí AC á dá a padà?

Igun ààlà ni mo kọ́kọ́ wá. Òun ni igun tó tóbi jù lọ tí ìmọ́lẹ̀ lè fi kan ojú gíláàsì láti inú kó ṣì ráyè jáde sí afẹ́fẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń padà sínú. Ìyẹn là ń pè ní ìtànpadà pátápátá. Láti P, àárín AB, mo fa ìlà òró, ìyẹn ìlà tó bá AB ṣe igun 90°. Mo wá fa ìtànṣán kan tó bá ìlà òró yìí ṣe 45°, láti apá B. Mo gún pínnì méjì sórí rẹ̀, wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà síra, mo wo inú AC, mo sì gún méjì mìíràn tó bá wọn tò. Nígbà tí mo gbé gíláàsì kúrò, mo so ibi ìwọlé mọ́ ibi ìjáde.

N kò fi igun nìkan ṣe ìṣirò. Mo fi kọ́ńpáàsì fa òbìrí tí àárín rẹ̀ jẹ́ P, láti àárín dé etí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, mo sì na ìlà inú gíláàsì títí ó fi kàn án. Láti ibi tí ìtànṣán ìta gbé gé òbìrí dé ìlà òró jẹ́ 7.1, ti inú jẹ́ 4.7. Mo fi èkejì pín èkíní, ó sì fún mi ní nǹkan bí 1.5, tí í ṣe n, ìyẹn ìwọ̀n bí gíláàsì náà ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Nítorí pé sin c = 1/n, igun ààlà jẹ́ nǹkan bí 41.8°.

Mo wá dín igun ìwọlé kù sí 30°. Àwọn pínnì ṣì hàn nínú AC, àmọ́ etí wọn ti ní àwọ̀, ìtànṣán tó jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara ra AC. Lórí àwòrán, igun tó fi kan AC láti inú jẹ́ 40.5°. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bí a bá wọn igun yẹn láti ojú AC dípò ìlà òró rẹ̀, 49.5° la máa rí, a ó sì sọ pé ìtànpadà pátápátá ni, nígbà tí pínnì ṣì ń hàn lójú kòrókòró. Àyẹ̀wò tó rọrùn ni pé kí a ro igun inú ní AB pọ̀ mọ́ igun inú ní AC. Àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 60°, níhìn-ín, 19.5 àti 40.5. Ìyàtọ̀ sí igun ààlà kò ju 1.3° lọ, nítorí náà pẹ́ńsù tó ti kú lẹ́nu lè da gbogbo rẹ̀ rú.

Ní 25°, n kò rí pínnì kankan nínú AC mọ́. Inú BC ni wọ́n ti hàn, nítorí náà ibẹ̀ ni mo to pínnì sí, mo sì pe ibi ìjáde ní Q, ó jìnnà sí C tó sẹ̀ǹtímítà 1.5. Kò sí pínnì tó lè fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé kan AC hàn wá. Àfi ká yà á. Láti P, mo fa ìlà tó dúró ṣánṣán sí AC, mo nà án kọjá AC ní ìwọ̀n kan náà, mo sì kọ P′ síbẹ̀. Ibi tí ìlà P′Q gbé gé AC ni R. Igun PRQ jẹ́ 87°, ìdajì rẹ̀, tí í ṣe igun tí ìmọ́lẹ̀ fi kan AC, sì jẹ́ 43.5°, ó ju 41.8° lọ. Ẹ kíyè sí i pé n kò lo n rárá láti rí igun yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ìtànṣán tó gba BC jáde náà bá ìlà òró ibẹ̀ ṣe 25°, bó ṣe wọlé gẹ́lẹ́, kò sì ní àwọ̀ létí bíi ti 30°. Bí tiyín bá yàtọ̀ ju dígírì kan tàbí méjì lọ, ó ṣeé ṣe kí púrísímù ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà tí ẹ fà. Kí ẹ nu AC gbẹ pẹ̀lú: níbi tí omi bá lẹ̀ mọ́, igun ààlà á fò sókè sí nǹkan bí 62°, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba ibẹ̀ jáde.