Bí mo ṣe fi rúlà wọn ìgbì tó ń kú lẹ́yìn ìda

Bu omi sínú ife dígí, kí o gbé e dání, kí o wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè, gba inú omi. Ẹ̀gbẹ́ ife á máa dán bíi jígí. Tí o bá fi ọwọ́ tí omi kàn díẹ̀ tẹ ife náà dáadáa, àwọn ìlà orí ìka rẹ á yọ kedere níbẹ̀, àmọ́ àárín ìlà sí ìlà á ṣì máa dán. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó padà sínú omi ti yọjú síta díẹ̀, ibi tí ara rẹ sì ti sún mọ́ ọn jù ló ti gbà á. Ìyọjú yẹn ni mo fẹ́ wọ̀n.

Bí ìgbì bá ti inú dígí tàbí ìda fẹ́ bọ́ sínú afẹ́fẹ́, igun kan wà tí kò ní lè jáde mọ́ tó bá ti kọjá rẹ̀. Fún ìda àbẹ́là, ó tó nǹkan bí 42 dígírì. Gbogbo agbára ìgbì á padà, ṣùgbọ́n ìgbì kì í já lójú ìda bí ẹni gé òwú. Ó ṣì wà lódìkejì, gíga rẹ̀ kàn ń dín kù bó ṣe ń jìnnà ni, gẹ́gẹ́ bí e^(−x/d), níbi tí

d = λ / (2π √(n² sin²θ − 1))

x ni bí ìgbì ṣe jìnnà sí ojú ìda tó, d ni nọ́ḿbà tó ń sọ bó ṣe ń tètè kú sí, λ ni gígùn ìgbì nínú afẹ́fẹ́, n ni iye tí ìda fi ń dín eré ìgbì kù, θ sì ni igun tí ìgbì fi yà kúrò lára ìlà tó dúró ṣánṣán lójú ìda. Fi n sí 1.5, θ sí 45 dígírì. Iná lésà pupa tí λ rẹ̀ jẹ́ 650 nm á fún wa ní d tó jẹ́ 293 nm. Rúlà wo ló fẹ́ wọn ìyẹn? Mo bá lo ìgbì máíkíróweefu tí λ rẹ̀ jẹ́ 2.8 cm, d sì di 12.6 mm. Ìyẹn tó ojú í rí.

Mo ra ìda ní Dùgbẹ̀, kápẹ́ńtà kan sì bá mi kan àpótí onígun mẹ́ta méjì. Inú omi gbígbóná ni mo gbé ìkòkò ìda sí, n kò gbé e lé iná gan-an, torí ìda máa ń gbiná. Èyí tí mo kọ́kọ́ dà bàjẹ́: bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, ó sì fi ihò sílẹ̀ láàárín bí ẹ̀bà tí wọ́n tẹ ìka sí. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dà á, tí mo ń jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ dì kí n tó fi tuntun lé e.

Ìda onígun mẹ́ta méjì tó jáde nínú àpótí ni pírísímù mi. Mo kọjú ẹ̀rọ tó ń tan ìgbì sí pírísímù ìda àkọ́kọ́, mo gbé èkejì tì í kí ojú wọn lè kan ara, mo sì fi ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì sẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe mítà kó ka 100. Nígbà tí mo fa èkejì sẹ́yìn ní 5 mm, ó ka 68. Ní 10 mm ó ka 32, ní 15 mm ó ka 14, ní 20 mm ó ka 6.

Mo ya gíráàfù lọ́gárídíìmù àwọn nọ́ḿbà náà. Láti 10 mm lọ, ó tò bí okùn tí wọ́n fà, àmọ́ d tó jáde níbẹ̀ jẹ́ 6 mm. Ìdajì ohun tí mo ń retí! Odidi ọ̀sán ni mo fi ń bú ìda.

Alàgbà tó ń tọ́jú láàbù wá bi mí pé, "Ṣé o mọ ohun tí mítà yẹn ń kà?"

Mo ní, "Gíga ìgbì ni, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ? Gbé ìda kúrò ná, kí o dojú ẹ̀rọ méjèèjì kọra, kí o yí èyí tó ń gbà ní 60 dígírì bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, kó ṣì dojú kọ èkejì."

Ìhà kan ṣoṣo ni ìgbì náà ń mì sí, ìwọ̀n gíga rẹ̀ tó bá ìhà ẹ̀rọ tó ń gbà mu nìkan ló sì ń wọlé, ìyẹn kosine igun tí a yí i. Kosine 60 jẹ́ ìdajì, nítorí náà bó bá jẹ́ gíga ni mítà ń kà, ó yẹ kó bọ́ láti 100 sí 50. Sí 25 ló bọ́. Agbára ló ń kà, agbára sì ni gíga tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kú ní ìlọ́po méjì kíákíá. Mo fi méjì lu 6 mm, ó di 12. Baba rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ jẹun.

Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ nìkan ni kò gbà láti bá ìlà lọ, láti 100 sí 68. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí pírísímù kejì sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, òun náà ń dá ìgbì padà sáàárín, nítorí náà e^(−x/d) nìkan kò lè ṣàlàyé ibẹ̀. Àṣìṣe wà lódìkejì, nígbà tí mo fà á kọjá 25 mm: mítà dúró sójú kan, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Mo gbé páànù tí mo lu ihò sí láàárín síwájú ìda, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì tó ń gba etí ìda kọjá ni mo ti ń kà tẹ́lẹ̀.