Bí ààrá bá pa dẹkódà tó sì fi fíríìjì sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú òjò o. Bí ìjì bá lọ tán, tí fíríìjì àti fáànù ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí dẹkódà, tẹlifíṣọ̀n àti módẹ́ẹ̀mù bàjẹ́, ẹ má tíì dá iná ìlú lẹ́bi. Ẹ wo wáyà tó so àwọn tó bàjẹ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní dẹkódà kò tàn mọ́ rárá. Tẹlifíṣọ̀n tàn, àmọ́ HDMI 1 tí dẹkódà wà kò gbé àwòrán; HDMI 2 ń ṣiṣẹ́. Módẹ́ẹ̀mù ṣì ń fún fóònù ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ihò tí wáyà dẹkódà wọ̀ nìkan ló kú. Ọ̀nà ti hàn: iná ààrá gba wáyà àwo orí òrùlé wọ dẹkódà, ó sì pín síbẹ̀. Ààrá kò tiẹ̀ ní láti kan àwo náà. Bó bá sán nítòsí, ó tó.

Kí ẹ tó so dẹkódà tuntun, ẹ tú wáyà àwo ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ẹ fi mítà wọn bàbà àárín àti wáyà híhun tó yí i ká lábẹ́ rọ́bà. Bí mítà bá dún, àwọn méjèèjì ti kan ara wọn, wáyà náà ti jóná nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Sítábíláísà kò lè gbà yín níbí, ẹnu ọ̀nà iná ìlú nìkan ló ń ṣọ́. Ẹ fi ohun ìdènà ààrá sí ibi tí wáyà àwo ti wọlé, kí ẹ sì fi wáyà bàbà kúkúrú so ó mọ́ ọ̀pá irin inú ilẹ̀ kan náà tí iná ilé ń lò. Bí ọ̀pá bá di méjì tí wọn kò so pọ̀, inú dẹkódà ni iná yóò tún gbà kọjá. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ yọ wáyà àwo pẹ̀lú ti iná.